Òfin Titun ní Ilé Oúnjẹ Ilé-Ìwé

Èèwọ̀ ara yàtọ̀ sí èèwọ̀ ìdílé. Ẹni tí ó bá jẹ èèwọ̀ ìdílé lè ṣe ètùtù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà bá jẹ ẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ lè bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí èyí ni alábòójútó ilé oúnjẹ ilé-ìwé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ṣe fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí.

Òfin kìíní ni pé kí olúkúlùkù òbí kọ ohun tí ara ọmọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀. Èkejì ni pé ṣíbí tí a fi ro ọbẹ̀ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ mọ́. Iná kì í pa oró yìí: ẹ̀pà tí a sè tàbí tí a yan ṣì lè ṣe ọmọ náà ní ibi.

Ẹ̀kẹta ni pé súyà kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Kí ni súyà fi bá ẹ̀pà tan? Ata yájì tí a ń wọ́n sí súyà sábà máa ń ní kúlíkúlí lílọ̀ nínú, ẹ̀pà ni a sì fi ń ṣe kúlíkúlí. Ọmọ tí ó ń sá fún ẹ̀pà lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ láìmọ̀.

Bí ó bá jẹ ẹ́, ara lè máa yún un, kí ètè rẹ̀ wú, kí ohùn rẹ̀ há, kí mímí sì nira. Epo pupa kò lè dá èyí dúró. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni, bí ara tilẹ̀ ti balẹ̀, nítorí àìsàn náà lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.