Iye àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Ìwádìí Kan: Ṣé Wọ́n Pàdé Lóòótọ́?

Ìwádìí ọlọ́nà méjì ni ìwádìí tí àwọn olùṣèwádìí ti fi ìwé ìbéèrè tàbí àkọsílẹ̀ kó iye jọ, tí wọ́n sì tún jókòó ti àwọn ènìyàn láti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí ọ̀ràn kan náà. Iye ló ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe kárí tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń sọ bó ṣe rí lára ẹni tó kàn, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi ń ṣe wàhálà méjèèjì pọ̀ ni pé, bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọn yóò sọ ohun tí ẹnìkan nínú wọn kò lè dá sọ. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ìwádìí méjì ni wọ́n ṣe, wọ́n kàn fi èèpo ìwé kan bò wọ́n ni. Àgbàdo nínú abọ́ kan àti ẹ̀wà nínú abọ́ kejì kì í ṣe àdàlú, bó ti wù kí abọ́ méjèèjì sún mọ́ra tó.

Àbùkù yìí wọ́pọ̀. Ní 2008, Alicia O'Cathain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí 75 tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ wọn gbà lára ìwádìí ọlọ́nà méjì 118 tí iléeṣẹ́ ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sanwó fún láàárín 1994 sí 2004. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ibi tó yẹ kí apá méjèèjì ti pàdé: ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn olùṣèwádìí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìsopọ̀ náà hàn nínú àbájáde. Òǹkàwé tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò náà lè yẹ èyí wò fúnra rẹ̀, nítorí pé ojúkò tí apá méjèèjì ti ń pàdé kò pọ̀, àmì rẹ̀ sì máa ń wà nínú ìwé náà fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò.

Ìdí tí wọ́n fi lo ọ̀nà méjì

Ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò ni ìbéèrè tí ìwádìí náà fẹ́ dáhùn. Ó yẹ kí ó kéré tán ní ìbéèrè kan tí iye nìkan kò lè dáhùn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò sì lè dáhùn. Bí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti iye, tí èkejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu, tí kò sì sí ìkẹta tó dì wọ́n pọ̀, ewu ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ètò mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, iye ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ẹnu sì tẹ̀ lé e láti ṣàlàyé ohun tí iye náà fi hàn. Nínú ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣáájú, kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe ìwé ìbéèrè tí wọn yóò pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú ìkẹta, wọ́n ń ṣe méjèèjì láàárín àkókò kan náà, wọ́n á sì fi àbájáde wọn wé ara wọn. Ó pọn dandan láti mọ èyí tí wọ́n lò, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti máa mọ ibi tí ó yẹ kí ìsopọ̀ náà wà.

Oríkèé tó so apá méjèèjì

Bí iye bá ṣáájú, oríkèé náà wà níbi yíyan àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ká sọ pé ìwé ìbéèrè fi hàn pé àwọn aboyún kan kì í lọ gba ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn wà nítòsí wọn. Ìsopọ̀ gidi ni kí olùṣèwádìí padà sínú èsì náà, kí ó yan àwọn tó bọ́ sí ipò yìí gan-an, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí iye kò lè sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ráyè ni ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí ìbéèrè rẹ̀ kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí iye fi hàn, oríkèé ti yẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ṣáájú, ìwé ìbéèrè ni kí a yẹ̀ wò. Ó yẹ kí a lè tọ́ka sí ìbéèrè kan nínú rẹ̀, kí a sì rí ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde wá. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kò bí nǹkan kan.

Ibi tí àbájáde ti ń jókòó pọ̀

Ojúkò kẹta wà nínú àbájáde. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń fi orí kan sọ ti iye, tí wọ́n á fi orí kejì sọ ti ọ̀rọ̀ ẹnu, tí wọ́n á sì wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo parí rẹ̀ pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ti ìṣirò lẹ́yìn. Gbólóhùn yẹn kò tó. Èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ló ti èwo nínú ìṣirò náà lẹ́yìn?

Ọ̀nà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ni tábìlì àjùmọ̀wò. Wọ́n á kọ kókó kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀. Ohun tí iye sọ nípa rẹ̀ á wà ní òpó kan, ohun tí àwọn ènìyàn sọ á wà ní òpó kejì, òpó kẹta á sì sọ ohun tí a rí kọ́ nígbà tí a wo méjèèjì pọ̀. Òpó kẹta yìí ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ kà. Bí ó bá ṣófo, tàbí tí ó kàn tún ohun tó wà ní òpó méjì àkọ́kọ́ sọ, tábìlì lásán ni. Bí kò bá sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà, òǹkàwé lè fi bírò ya tirẹ̀ sórí tákàdá.

Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ń hàn: apá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, tàbí wọ́n takora, tàbí ọ̀kan sọ̀rọ̀ tí èkejì sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ní ìtumọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwé ìbéèrè kò béèrè nǹkan náà rárá, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn ń tijú ni, tí wọ́n lè fi àmì sí lórí ìwé ṣùgbọ́n tí wọn kò ní sọ lójú àlejò.

Nígbà tí wọ́n bá takora

Àtakò ni ibi tí ìdánwò gidi wà. Àpẹẹrẹ kan tó yẹ kí gbogbo òǹkàwé mọ̀ ni èyí tí Suzanne Moffatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2006 lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè wọn ni pé: bí wọ́n bá gbé olùdámọ̀ràn wá fún àwọn tó ti pé ẹni 60 ọdún sókè nípasẹ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò, kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba tó tọ́ sí wọn, ǹjẹ́ yóò ṣe ìlera àti ìgbé ayé wọn ní àǹfààní? Ènìyàn 126 ló kópa. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì: apá kan rí olùdámọ̀ràn lójú ẹsẹ̀, apá kejì sì ní láti dúró kí ó tó kàn wọ́n. Wọ́n fi ìwé ìbéèrè wọn ìlera gbogbo wọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yan 25 nínú wọn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Èsì apá méjèèjì takora. Lójú ìṣirò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì kéré tàbí kó má tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní àǹfààní náà pọ̀: owó ohun kòṣeémánìí kò ni wọ́n lára bíi ti tẹ́lẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀ bí ìnáwó òjijì bá yọjú.

Ó rọrùn kí ènìyàn fi èyí tó wù ú pamọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá àtakò náà wá láti inú pé ọ̀nà méjèèjì fi ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wo ayé. Wọ́n yẹ iṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó péye. Iye ènìyàn tó wà nínú ìṣirò náà kò pọ̀, nítorí ìwádìí àkọ́dánwò ni. Wọ́n fi àwọn 25 wé àwọn yòókù, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí nǹkan dára fún nìkan ni wọ́n gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n kó èsì sí i láti fi ṣe àfiwé. Wọ́n tọpa bí iṣẹ́ olùdámọ̀ràn náà ṣe lọ gan-an. Níkẹyìn, wọ́n wò ó bóyá ohun tí ìwé ìbéèrè ń wọ̀n àti ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ jẹ́ ohun kan náà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló tan ìmọ́lẹ̀ jùlọ. Lára ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò ni SF-36, èyí tó ń béèrè ìlera ènìyàn ní gbogbogbòò. Àgbàlagbà tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà lè rí owó tí yóò fi san gbèsè ilé, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, síbẹ̀ kí àìsàn náà má kúrò. Iye kò purọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀ náà kò sì purọ́. Láti inú ìṣirò nìkan, wọn ì bá sọ pé ètò náà kò wúlò; láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, wọn ì bá sọ pé ó wúlò fún ohun gbogbo. Nígbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó hàn pé àìrí ìyàtọ̀ nínú ìṣirò kò tó láti fi dá ètò náà lẹ́bi, àti pé ìwádìí tí yóò tẹ̀ lé e ní láti wọn ohun tí owó lè yí padà lóòótọ́.

Ìdánwò ìkẹyìn

Nígbà tí òǹkàwé bá dé ibi ìparí ìwé, kí ó fi ọwọ́ bo gbogbo apá tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà, kí ó sì tún ìparí náà kà. Bí ìparí náà bá dúró digbí láìsí ẹ̀rọ̀n kan tó yí padà, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn náà kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ni. Kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá ìṣirò. Ìwádìí tó so wọ́n pọ̀ lóòótọ́ yóò ní, ó kéré tán, ìparí kan tó máa wó bí a bá yọ èyíkéyìí kúrò.

Ààlà méjì wà tó yẹ kí a rántí. Àkọ́kọ́, àwọn olùṣèwádìí míì máa ń tẹ apá kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ọ̀tọ̀; kí a tó dá wọn lẹ́bi, kí a wá ìròyìn kíkún iṣẹ́ náà. Èkejì, ìsopọ̀ kò lè wo apá tó ti bàjẹ́ sàn. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McGill, ní Montreal, tún ṣe ní 2018, tí wọ́n ń pè ní MMAT, béèrè ohun márùn-ún nípa ìwádìí ọlọ́nà méjì: ìdí tí wọ́n fi lò ó, bóyá wọ́n so apá méjèèjì pọ̀, bóyá wọ́n túmọ̀ ohun tó jáde láti inú ìsopọ̀ náà dáadáa, bóyá wọ́n dojú kọ àtakò, àti bóyá apá kọ̀ọ̀kan dé ojú ìwọ̀n tirẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fi ìkánjú ṣe kò ní di òtítọ́ nítorí pé wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò tó péye.

Nítorí náà, ìwádìí tó bá pe ara rẹ̀ ní ọlọ́nà méjì gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, àti ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ìwádìí méjì ló ṣe, bí a sì ṣe yẹ kí a gbà á nìyẹn.