Dídá ìró kan ṣoṣo mọ̀: ọgbọ́n Goertzel

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lọ́kọja pe ilé ìfowópamọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ní kí ó tẹ 2 láti gbọ́ èdè Yorùbá. Ìró méjì ni nọ́ńbà 2 máa ń gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń gbọ̀n nígbà 697 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì nígbà 1336. (Lórí fóònù alágbèéká, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fóònù ni ó ń dá ìró náà sílẹ̀, kì í ṣe fóònù fúnra rẹ̀.) Irú ìgbọ̀n mẹ́jọ péré ni gbogbo bọ́tìnì ń lò. Ìṣirò Fourier lódindi yóò wọn gbogbo ìgbọ̀n tó wà nínú ìró, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́jọ péré ni a ń wá.

Ní 1958, Gerald Goertzel, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀nà tó rọrùn jù jáde. Ẹ̀rọ ń wọn ìró nígbà 8000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, `x`, ti ń dé ni a ń ṣírò rẹ̀, a kò nílò láti tò wọ́n pamọ́. Iye méjì tó ṣẹ́yìn nìkan ni a ń rántí. Fún 697, bí a bá lo ìwọ̀n 205, `k` jẹ́ 205 × 697 ÷ 8000, èyí tí í ṣe 17.86, a sọ ọ́ di 18. Nítorí náà `c` jẹ́ 1.7033.

```
c = 2*cos(2*pi*18/205)
s1 = s2 = 0
for x in block:
    s0 = x + c*s1 - s2
    s2 = s1
    s1 = s0
power = s1*s1 + s2*s2 - c*s1*s2
```

Ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí ìró náà bá wà, `s1` àti `s2` yóò máa ga sí i, gẹ́gẹ́ bí jangirọ́fà tí a ń tì lásìkò tó yẹ. Bí kò bá sí, ìtìsíwájú àti ìfàsẹ́yìn yóò pa ara wọn rẹ́. Ìró tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1, tó bọ́ sórí `k` gan-an, yóò mú `power` dé nǹkan bí 10,500.

Ìwọ̀n 205 jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì lè ya ìgbọ̀n tó fi nǹkan bí 39 jìnnà síra. 697 àti 770 fi 73 jìnnà síra, nítorí náà wọn kì í dàpọ̀. Ẹni tó bá dín ìwọ̀n kù sí 100 yóò rí i pé agbára ìyàsọ́tọ̀ di 80, nọ́ńbà 2 yóò sì máa fẹ́ jọ 5.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a gbàgbé láti dá `s1` àti `s2` padà sí òdo fún ìdìpọ̀ tuntun. Jangirọ́fà yìí kì í dúró fúnra rẹ̀: a ti ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ẹ̀rọ ṣì ń ka 2.

Ohùn ènìyàn pẹ̀lú lè tan ẹ̀rọ jẹ, nítorí fáwẹ́lì kan máa ń ní ìgbọ̀n púpọ̀ nínú, tí méjì nínú wọn lè ṣe kòńgẹ́ 697 àti 1336. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé bọ́tìnì kò ní ìgbọ̀n ìlọ́po méjì, 1394 àti 2672, ṣùgbọ́n ohùn sábà máa ń ní wọn. Ìṣirò kan náà ni a óò fi wo ìyẹn, pẹ̀lú `k` mìíràn.