Ó Le Jù, Ó Rọ̀ Jù: Bí A Ṣe Ń Tún Lẹ́tà Kọ Tí Yóò Fi Tẹ́ Oníbàárà Lọ́rùn

Ẹni tó bá ń bá èèyàn tún ìwé kọ gbowó á ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n á ní ohun tó kọ́kọ́ gbé wá ti le jù. Tó bá dẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti wá rọ̀ jù. Ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lọ́kàn ni pé kí àwọn wá ibi tó wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ìwé le kì í sábà jẹ́ ohun kan náà tó ń mú un rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó yáwó tí wọn ò tíì san án. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ gbé fún un nìyí:

“Ìgbìmọ̀ alákòóso ń ṣe ìfitónilétí fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ìdápadà ẹ̀yáwó wọn ti kọjá gbèdéke pé ìkùnà láti ṣe ìsanpadà kí oṣù yìí tó parí yóò yọrí sí ìdádúró ẹ̀tọ́ wọn láti yá owó mìíràn títí di ìparí ìsanpadà náà.”

Akọ̀wé ní, “Ó le jù, bí ìwé ilé ẹjọ́ ló rí.” Òótọ́ ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìfitónilétí, ìdápadà, ìkùnà, ìsanpadà, ìdádúró: ohun tó yẹ kéèyàn sọ pé ẹnì kan ń ṣe ni wọ́n sọ di orúkọ. Ẹni tó ń kà á á ka gbólóhùn náà tán kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Òǹkọ̀wé bá tún un kọ:

“Ẹ̀yin èèyàn wa, báwo ni nǹkan? Owó tẹ́ ẹ yá dà o? Ẹ tètè wá san án kóṣù yìí ó tó parí jàre, torí tẹ́ ò bá san án, ẹ ò ní rówó yá mọ́ o!”

Akọ̀wé tún kọ̀ ọ́. “Àwọn àgbà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, a ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí.” Tí òǹkọ̀wé bá gbọ́ èyí, tó sì sáré padà sí ìwé àkọ́kọ́, ó ti ṣìnà. Gbólóhùn kéékèèké kọ́ ni akọ̀wé ń bínú sí. Ohun tó ń bí i nínú ni “báwo ni nǹkan”, “dà o” àti “jàre”, pẹ̀lú “kóṣù” àti “tẹ́ ò bá” tó gé ọ̀rọ̀ kúrú bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Kí òǹkọ̀wé má méfò, kó ní kí akọ̀wé fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn gan-an.

Àléébù mìíràn tún wà níbẹ̀ tí akọ̀wé ò tiẹ̀ rí. Ìwé àkọ́kọ́ ní wọn ò ní yá ẹni náà lówó títí yóò fi san gbèsè tán. Ìwé kejì ní kò ní rówó yá mọ́, bíi pé títí láé ni. Bí wọ́n ṣe ń dẹ ohùn ìwé náà, òfin ẹgbẹ́ yí padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn kọ kókó ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀: ta ni ọ̀rọ̀ kàn, ọjọ́ wo ni gbèdéke, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tún ìwé náà kọ ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣì pé.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá rí báyìí:

“Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ san owó tí ẹ yá ti kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí kò bá san án títí di ìgbà náà kò ní lè yá òmíràn àfi tí ó bá san gbèsè náà tán.”

Gbólóhùn kéékèèké ti ìwé kejì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a kọ ní kíkún wá láti inú ti àkọ́kọ́, òfin ẹgbẹ́ sì ti padà sí bó ṣe wà. Ẹ tún wo gbólóhùn tó kẹ́yìn: “ẹni tí kò bá” ló sọ, kò sọ pé “tí ẹ ò bá”. Ìkìlọ̀ náà kò sí lórí ẹni tó ń múra láti san án.

Tí akọ̀wé bá tún ní ó le, kí òǹkọ̀wé béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé alága ló ka ti àkọ́kọ́, tí akápò ka ti ìkejì, tí ohun tí wọ́n fẹ́ kò sì bára mu. Àwọn ló máa yan ẹni tí ọ̀rọ̀ máa parí sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òfin náà gan-an ló le lójú wọn. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé mọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ ló lè yí i padà.