Bọ́ọ̀lù Tó Yọ́ Lọ́wọ́ Aṣọ́lé Kékeré

Nígbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010, Messi gbá bọ́ọ̀lù sí Vincent Enyeama títí, kò rí i gbá wọlé. Góòlù kan péré ni Argentina fi na Nàìjíríà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà la kojú Greece. Tziolis gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó kan Enyeama lọ́wọ́, àmọ́ kò dúró níbẹ̀. Ó ta síwájú, Torosidis tó ti ń sáré bọ̀ sì tì í wọlé. Góòlù méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n fi lù wá lọ́jọ́ náà.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí kóòṣì sábà máa ń sọ ni pé, “Ṣé o ò lè dì í mú ni?” Ọmọ náà mọ̀ pé òun ò dì í mú. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù gbà lọ ló sì máa sọ ọ́. Bó bá ta padà síwájú, ọwọ́ ló le. Bó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá gba àárín òun àti òpó tó sún mọ́ ọn wọlé, ibi tó dúró sí ni kò dára kí wọ́n tó gbá a rárá. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ kóòṣì sì máa ń lò fún wọn: kí ọmọ máa fò lulẹ̀ káàkiri títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ̀ ní ìwọ̀n àyà sókè, ìka máa ń wo òkè, wọ́n á yà síra lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, àtàǹpàkò méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ìgùnpá á ká díẹ̀, á wà níwájú ara, kí ọwọ́ lè fà sẹ́yìn díẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń balẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ tó na apá gbọnrangandan ló ń dá bọ́ọ̀lù padà fún àwọn ọ̀tá. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀, ìka á wo ilẹ̀, ọmọ ìka méjèèjì á sún mọ́ra, orúnkún kan á lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ kejì kí àlàfo má baà sí, á wá gbá a mọ́ àyà. Èyí tó bá le jù láti dì mú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má jẹ́ kó padà sí àárín.

Fún ibi ìdúró, okùn gígùn kan ti tó. Ẹ so orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fa àárín rẹ̀ lọ síbi tí bọ́ọ̀lù wà. Kí ọmọ dúró láàárín okùn méjèèjì, kí ọ̀tún àti òsì jìnnà sí i bákan náà. Ní kó rìn síwájú díẹ̀: á rí i fúnra rẹ̀ pé okùn ń sún mọ́ ọwọ́ òun. Lẹ́yìn náà, ẹ ju bọ́ọ̀lù kan gba orí rẹ̀ wọlé, kó lè rí ewu tó wà nínú kéèyàn jáde jù. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kó tún wá ibi tirẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan bọ́ọ̀lù, kó ti dúró. Ẹni tó ṣì ń sáré lọ sí ọ̀tún kò lè fò sí òsì.

Ní ti ọmọ tọjọ́ Sátidé yẹn, bọ́ọ̀lù kan náà ni kẹ́ ẹ dá padà fún un. Ẹ fi ọwọ́ jù ú sí i láyà láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta, jẹ́jẹ́. Bó bá ń dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbá a. Bó bá yọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ẹ má pè é ní ìjìyà. Ó kẹ́yìn, kí ọmọ mìíràn máa sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bíi ti Torosidis.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, tí àwọn kóòṣì kì í fẹ́ ṣe, ni pé kẹ́ ẹ ní kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, kó wá bẹ́ mọ́ ọn kí ẹnìkejì tó dé. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ, bí bọ́ọ̀lù bá ti yọ́, ńṣe ni wọ́n á dúró, wọ́n á bo ojú, nígbà tí góòlù ò tíì wọlé. Bó bá sì wọlé pàápàá, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí á máa ṣe lójú ẹsẹ̀: kó gbé bọ́ọ̀lù jù síta, kó pe ẹni tó wà lẹ́yìn lórúkọ, kó sọ fún un ibi tó máa dúró, kóun náà padà sí ipò rẹ̀. Ẹnu tó ń darí ẹlòmíì kò ráyè máa bá ara rẹ̀ jà.

Ẹ tún wo ilé náà fúnra rẹ̀. Ti àgbà fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní mítà 2.44, ní England, èyí tí wọ́n ń gbé fún ọmọ ọdún mọ́kànlá jẹ́ 4.88 sí 2.13. Lórí pápá tiwa, ti àgbà ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀ láàárín òpó lọ́jọ́ ìdánrawò láti dín in kù, kẹ́ ẹ má sì ka bọ́ọ̀lù tó gba òkè ọwọ́ rẹ̀ kọjá sí i lọ́rùn.