Bí Alásè Ìgbéyàwó Kò Bá Mú Àdéhùn Ṣẹ: Lẹ́tà Tí Ẹ Ó Fi Gba Owó Àsansílẹ̀ Yín Padà

Bí alásè bá gba owó àsansílẹ̀ tán, tí oúnjẹ kò sì tó lọ́jọ́ ìyàwó, lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí i. Ẹ má tíì sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn nìkan, nítorí náà ẹ má fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn nínú lẹ́tà.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tó jáde lọ́dún 2018, ni kí ẹ gbára lé. Ó ní iṣẹ́ tí a sanwó fún gbọ́dọ̀ bọ́ sákòókò, kó sì dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó tọ́ padà nínú owó rẹ̀. Àsè ìyàwó kò sì ṣeé tún sè lẹ́yìn tí àlejò ti túká.

Ìwọ̀n tó tọ́ yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Inú tó ń bí ẹbí a máa mú wọn béèrè gbogbo owó, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò kan jẹun. Ẹ wo bí tọkọtaya kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ṣe lè kọ tiwọn:

“Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, Mà. A jọ fẹnu kò pé ẹ ó sè fún 300 àlejò, ₦3,000 lórí abọ́ kan, kí oúnjẹ dé ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ gba ₦600,000 sílẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni kúlà yín dé, 150 abọ́ péré la sì rí bù níbẹ̀. A sáré ra 100 abọ́ lọ́dọ̀ alásè mìíràn ní ₦4,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san ₦250,000 padà fún wa kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé.”

Bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ rèé. Oúnjẹ tí ìyá gbé wá jẹ́ ₦450,000, nítorí náà ₦150,000 ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìyá nínú owó àsansílẹ̀. ₦100,000 yòókù ni ẹgbẹ̀rún kan náírà tí wọ́n fi kún orí abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ alásè kejì. Wọn kò béèrè gbogbo ₦400,000 tí wọ́n san fún alásè kejì yìí, torí bí ìyá bá gbé 100 abọ́ yẹn wá, wọn ì bá san ₦300,000 náà ni.

Ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì àti àdéhùn orí Wáàsáàpù mọ́ lẹ́tà náà. Ẹ fi lẹ́tà náà lé alásè lọ́wọ́, kó buwọ́ lu ẹ̀dà kan pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á. Bí kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí.

Bó bá san díẹ̀, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ iye tó kù sórí rìsíìtì. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní gbèsè ti parí. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí kóòtù májísíréètì àgbègbè yín, tàbí kí ẹ fi ẹ̀sùn náà tó àjọ ìdáàbòbò oníbàárà ìjọba àpapọ̀ létí.