Ogún Ìṣẹ́jú-Àáyá tí Kò Ṣe é Gé nínú Kàtúùnù Ọwọ́ Fífọ̀

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí kàtúùnù oníṣẹ́jú kan nípa ọwọ́ fífọ̀, ìwé méjì ni àwọn ayàwòrán máa ń pèsè: àwòrán-ìtàn, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ àwòrán inú àpótí kéékèèké tó ń fi bí ìtàn yóò ṣe lọ hàn, àti àkọsílẹ̀ ìran, tó ń sọ àkókò tí ìran kọ̀ọ̀kan yóò gbà àti ibi tí kámẹ́rà yóò ti wò ó. Inú ìwé kejì yìí ni ìṣòro ti ń yọjú, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọwọ́ fífọ̀, láti orí omi dé orí ọwọ́ nínù, ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60, bẹ́ẹ̀ ni fífi ọṣẹ ra ọwọ́ nìkan kò yẹ kó dín ní 20.

Bí olùdarí bá gé ọṣẹ rírà kù sí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, márùn-ún náà ni ọmọdé tó wò ó yóò mọ̀ sí ọwọ́ fífọ̀. Ó tọ́, nígbà náà, kí 20 yìí kọ́kọ́ wọnú ìwé, kí àwọn ìran yòókù tó pín 40 tó kù. Bí àpẹẹrẹ, ọmọbìnrin kan lè jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún 6. Kámẹ́rà yóò sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún 6 mìíràn, níbi tí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé yóò ti dúró fún kòkòrò àrùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì fi bùtá da omi sí i lọ́wọ́, tí ọmọbìnrin náà yóò sì mú ọṣẹ, fún 7. (Bùtá sàn ju abọ́ tí gbogbo ilé ń ki ọwọ́ bọ̀, nítorí omi tó ń ṣàn ń gbé ìdọ̀tí lọ.) Lẹ́yìn ọṣẹ rírà, omi ìṣanwọ́ gba 6, ọwọ́ nínù 7, oúnjẹ àti gbólóhùn ìparí 8, gbogbo rẹ̀ sì pé 60.

Láti òkè ni kámẹ́rà yóò ti wo ọṣẹ rírà, bí ẹni pé ojú ọmọ náà ló ń wò ó, kí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè bọ́ sí ọwọ́ òsì òǹwòran. Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò àti ṣóńṣó ìka yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 4 kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìran gígùn bẹ́ẹ̀ yóò wọ́n, ṣùgbọ́n òun gan-an ló rọrùn jù. Àwòrán 12 ló sábà ń tó fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí 20 ì bá fi gba 240. Àmọ́ nítorí pé ọwọ́ tó ń ra ara wọn ń tún ohun kan náà ṣe, àwòrán 12 kan lè yí po lẹ́ẹ̀mẹrin fún ipa kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má ju 60 lọ. Àbàwọ́n nìkan ni wọn yóò yà sórí ìpele ọ̀tọ̀, nítorí òun ní láti máa pòórá bí ọwọ́ ti ń yí po.

Kí wọ́n tó ya àwòrán tó mọ́, wọn yóò to àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú ohùn ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju ìran lọ, ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé, kì í ṣe ìran. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi í han àwọn ènìyàn láìsí ohùn, kí wọ́n sì ní kí àwọn òǹwòran náà fọ ọwọ́ bí wọ́n ti rí i. Bí púpọ̀ nínú wọn bá fo àtàǹpàkò, ìran kẹrin ni wọn yóò padà sí.