Okùn Ni Ẹnu Kànga

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn láti ẹnu kànga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí kànga lè rí. Kò rí ọjà, kò rí oko, kò mọ ẹni tó ń gé igi nínú igbó. Ojú ọ̀run roboto ló ń rí, àti orí ẹni tó bá bẹjú wò ó. Àmọ́ ó ń gbọ́ ohùn, ó sì mọ okùn. Okùn yìí ni òǹkọ̀wé yóò fi sọ bí omi ṣe ń lọ.

Ká gbé ìtàn náà sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta pọ̀ sí. Omi kànga ibẹ̀ kì í ṣe odò tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Òjò ló ń rin wọ inú àpáta tó ti rà di amọ̀ àti iyanrìn, tó sì ń dúró síbẹ̀ nítorí àpáta líle wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ fi ń dúró de Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà kó tó gbẹ́. Omi tó bá bá nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà òjò lè tanni jẹ.

Ẹ gbọ́ kànga náà:

“Tẹ́lẹ̀, okùn máa ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà bí korobá bá kàn mí lómi. Lọ́dún tí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sí ẹ̀yìnkùlé kejì, ó so okùn mìíràn mọ́ ti àtijọ́. Òjò rọ̀, mo kún, ṣùgbọ́n kókó okùn náà ṣì ń wọlé tọ̀ mí wá. Ọ̀wàrà ọdún tó tẹ̀ lé e, kókó kejì wọlé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, korobá ń ha iyanrìn.

‘Ìyá Àgbà, ó ti dọ̀tí!’

‘Gbé e kalẹ̀, jẹ́ kó tòrò.’”

Kókó yẹn ló gbé ìtàn náà ró. Kànga tó fà lẹ́ẹ̀rùn tó sì padà sí ipò rẹ̀ ní ìparí òjò kò tíì máa gbẹ. Ìṣe ọdún ni. Èyí tí omi rẹ̀ ń relẹ̀ ju ti èṣí lọ ní Ọ̀wàrà kọ̀ọ̀kan, tí òjò sì rọ̀ dáadáa, òun ló ń gbẹ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo kọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí kànga dá ẹ̀rọ lẹ́bi: ó ń gbọ́ ìró rẹ̀ ni, kò rí i. Bí omi bá ń sun padà ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, òǹkàwé yóò dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo máa ń fẹ́ kí ìtàn yìí parí sí ni ọjọ́ tí agbẹ́kànga sọ̀ kalẹ̀ láti jìn ín sí i, tí irin rẹ̀ kan àpáta, tó sì kígbe sókè pé kí wọ́n fa òun jáde, kí wọ́n sì san owó òun.